Kí o tó gba 97% yẹn gbọ́

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ímeèlì bíi 40 ló ń wọlé sí ọ́fíìsì wa ní Bódìjà lójúmọ́. Mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ya ẹ̀sùn kánjúkánjú sọ́tọ̀ kúrò lára ìbéèrè lásán. Mo fi 3,000 lẹ́tà àtijọ́ kọ́ ọ, ó gba 97%. Ṣé kí n gbé e sẹ́nu iṣẹ́, àbí kí n wá ohun tó lágbára ju TfidfVectorizer àti LogisticRegression lọ?"

Àbúrò, má tíì gbé e sẹ́nu iṣẹ́ o. Ohun méjèèjì tó o dárúkọ yẹn, èyí tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà àti èyí tó ń fi nọ́ńbà náà pín lẹ́tà, tó fún iṣẹ́ yìí. 97% yẹn gan-an ló ń já mi láyà, torí iye kan náà ni akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ṣe irú ẹ̀rọ yìí fún wa ní Dùgbẹ̀ gbé wá, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi tan ẹ̀rọ náà.

Ínfátà àti bátìrì sólà la ń tà. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyá kan kọ̀wé sí wa. Àkọlé lẹ́tà rẹ̀ ni "Ìkíni". Ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú wa. Mo ní kí n fi tó yín létí pé bátìrì tí ẹ gbé wá lóṣù tó kọjá ti ń wú díẹ̀díẹ̀, ó sì ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Yàrá tí ọmọ mi ń sùn ló wà. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ yín." Ẹni tó bá mọ bátìrì olómi mọ ohun tí òórùn yẹn túmọ̀ sí: iná ti ń wọ̀ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, gáàsì olóró ti ń jáde. Ẹ̀rọ wa jù ú sáàárín àwọn tó ń béèrè iye owó. Ọjọ́ kẹta la tó rí i. Nígbà tá a débẹ̀, ara bátìrì ti sán, ásíìdì ti jẹ kápẹ́ẹ̀tì. Ọpẹ́ ni pé ìyá náà ti gbé ọmọ rẹ̀ kúrò ní yàrá yẹn.

Mo pe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ náà. Ohun tó ń tún sọ ṣáá ni pé kò sí ẹ̀rọ tó pé, 97% dára. Inú ṣì ń bí mi títí di òní. Kà á fúnra rẹ: nínú 3,000 lẹ́tà rẹ yẹn, tó bá jẹ́ 90 péré ló jẹ́ kánjúkánjú, kọ̀ǹpútà tó bá pe gbogbo lẹ́tà ní ìbéèrè lásán láìka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo máa gba 97%. Ohun tó yẹ kó o béèrè ni pé: nínú 90 yẹn, mélòó ló rí mú?

Tiwa tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ó ń rí púpọ̀ nínú wọn mú nígbà ìdánwò. Oṣù méjì ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Mo ní kó to àwọn ègé ọ̀rọ̀ tó fi ń dá kánjúkánjú mọ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún mi; v dúró fún TfidfVectorizer rẹ̀, m fún LogisticRegression rẹ̀:

```python
import numpy as np
n = v.get_feature_names_out()
print(n[np.argsort(m.coef_[0])[-20:]])
```

Ohun tó jáde ni "escal", "scala", "calat", lẹ́yìn náà "forij". Mo jókòó, mo ń wò ó. Sọ́fíwià tá a fi ń dá lẹ́tà lóhùn máa ń fi `[ESCALATED]` sí àkọlé lẹ́tà tí òṣìṣẹ́ bá ti gbé lọ bá ọ̀gá. "Forij" sì ni "a tọrọ àforíjì", èsì tiwa fúnra wa tó so mọ́ ìsàlẹ̀ lẹ́tà oníbàárà. Ẹ̀rọ náà kò mọ bátìrì tó ń wú rárá. Àmì tí àwa fi sára lẹ́tà lẹ́yìn tá a ti kà á ló kọ́. Lẹ́tà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò sì ní àmì kankan lára.

Nítorí náà, gé gbogbo ohun tó bá wọ inú lẹ́tà lẹ́yìn tó dé ọ̀dọ̀ yín kúrò: àmì inú àkọlé, èsì yín, àwọn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `>`. Má sì jẹ́ kí `train_test_split`, tó ń pín lẹ́tà sí ti ẹ̀kọ́ àti ti ìdánwò, da lẹ́tà rẹ rú, torí ó máa ń rú wọn pọ̀ bí o kò bá dá a dúró. Oníbàárà kan lè kọ̀wé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Tí mẹ́ta bá wà níbi ẹ̀kọ́, tí ìkẹrin wà níbi ìdánwò, ó ti rí ìdáhùn ṣáájú. Fi ti oṣù àkọ́kọ́ kọ́ ọ, fi ti oṣù tó kẹ́yìn dán an wò, kí gbogbo lẹ́tà tó wà lórí ọ̀rọ̀ kan sì wà lójú kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tún pín gbogbo lẹ́tà sí kánjúkánjú àti ìbéèrè lásán, èmi àti àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń dá lẹ́tà lóhùn. Ẹni tó ṣe é tẹ́lẹ̀ ń wo ariwo ni: ẹni tó bá kọ "urgent" tàbí tó bú wa, kánjúkánjú ni. N'Ìbàdàn níbí, ẹni tó fẹ́ mọ iye owó pánẹ́ẹ̀lì ń kọ "urgent", ẹni tí ilé rẹ̀ fẹ́ jóná sì ń kí wa tìdílé-tìdílé kó tó sọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo la wá ń bi ara wa: tí ẹnikẹ́ni ò bá ka lẹ́tà yìí títí di ọ̀la, kí ló máa bàjẹ́?

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ńkọ́? Bí o bá fi TfidfVectorizer sílẹ̀ bó ṣe wà, ó máa gé "ẹ̀rọ" sí "rọ", torí àmì tó dúró lórí ẹ̀ máa ń já ọ̀rọ̀ sí méjì lójú rẹ̀. Èyí ni mo ń lò:

```python
v = TfidfVectorizer(analyzer="char_wb", ngram_range=(3, 5),
                    strip_accents="unicode", min_df=2)
m = LogisticRegression(class_weight="balanced", max_iter=1000)
```

Ó ń pa owó àti ọwọ́ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oníbàárà wo ló ń fi àmì sí ímeèlì? Ègé ọ̀rọ̀ tó ní álífábẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sí márùn-ún tún gba àṣìkọ àti àdàlù Gẹ̀ẹ́sì mọ́ra.

Má sì fún akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kankan ní lẹ́tà tí orúkọ, fóònù àti àdírẹ́sì oníbàárà ṣì wà nínú rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni ẹni tiwa kó gbogbo rẹ̀ lọ sílé, òfin ààbò détà Nàìjíríà ti 2023 sì wà nílẹ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n máa bi.

Ó ku ààlà. Ẹ̀rọ náà máa ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà láti 0 sí 1, bó ṣe rò pé ó jẹ́ kánjúkánjú tó; `predict` máa ń gé e sí 0.5. Nígbà tí mo wo lẹ́tà ìyá yẹn padà, 0.31 ni ẹ̀rọ náà fún un. Lo `predict_proba`, tó máa fi nọ́ńbà yẹn hàn ọ́, kó o yan ààlà fúnra rẹ. Nínú 600 lẹ́tà oṣù kan, 24 ló jẹ́ kánjúkánjú. Ní 0.5, ẹ̀rọ tuntun wa mú 15, ó sì ṣi 20 mìíràn pè ní kánjúkánjú. Ní 0.2, ó mú 22, ó ṣi 70 pè. Ìyẹn jẹ́ pé lẹ́tà 92 ni àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn máa kọ́kọ́ kà lóṣù, bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́. Wọ́n ní àwọn lè kà á, a sì mú 0.2.

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, mo ń fa 30 yọ láìṣà lára àwọn tó pè ní ìbéèrè lásán, mo sì ń kà wọ́n tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan ní Àpáta béèrè iye tá a fi ń pààrọ̀ wáyà. Ní ìlà kẹrin ló tó sọ pé èyí tó wà nílé òun máa ń gbóná débi tí kò ṣeé fọwọ́ kàn lálẹ́. A pè é lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, a ní kó pa iná, mo sì fi lẹ́tà náà kún àwọn tí màá fi kọ́ ẹ̀rọ náà lóṣù tó ń bọ̀.