Rédíò tí akẹ́kọ̀ọ́ lè tú wò, àti ìbejì tí ó fi àṣìṣe mi hàn

«Ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo sì fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kan rédíò tí kọ̀ǹpútà ń parí iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè rí míkísà, asẹ́ àti ẹ̀rọ tí ó ń sọ ìgbì di nọ́ńbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ni kí n lò, ibo sì ni wàhálà rẹ̀ wà?»

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kan irú rédíò yìí fún kíláàsì. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni ti àkọ́kọ́ fi dà mí láàmú, nítorí náà ibi tí wàhálà wà ni mo mọ̀ jù. Ẹ má fi dóńgù kékeré tí wọ́n ń kì bọ yúésíbì kọ́ wọn, nítorí inú áísì tí ẹnikẹ́ni kò lè tú wò ni gbogbo ipele tí ẹ fẹ́ fi hàn wọ́n wà.

Ohun tí mo lò kò pọ̀. Bọ́ọ̀dù Si5351 kan ni ó ń pèsè ìgbì ti ara ẹ̀rọ, mo sì gbé CLK0 rẹ̀ sí mẹ́gáhátísì 28.4. Áísì 74AC74 pín in sí mẹ́rin, ó sì fún wa ní ìgbì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gáhátísì 7.1, ṣùgbọ́n tí èkejì fi ìdámẹ́rin ìyípo kan rẹ̀yìn sí èkíní. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń darí FST3253, tí í ṣe míkísà wa. Súwíìṣì lásán ni míkísà yìí: ó ń so eriálì mọ́ kapásítọ̀ mẹ́rin ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, ìdámẹ́rin ìyípo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó ń ṣẹ́kù sára kapásítọ̀ ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìgbì tí ó wọlé àti 7.1, tí ó fi jẹ́ pé ìgbì mẹ́gáhátísì 7.11 yóò di ohùn kílóhátísì 10. Áńpìlìfáyà NE5532 gbé ohùn náà sókè ní ọ̀nà méjì, ọ̀kan lọ sí etí òsì káàdì ohùn, èkejì lọ sí etí ọ̀tún. Káàdì ohùn yìí ni ó ń sọ ìgbì di nọ́ńbà, ìgbà 48,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a sì ń rí kílóhátísì 24 ní apá kọ̀ọ̀kan 7.1 lórí àwòrán ìgbì tí kọ̀ǹpútà ń yà.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ etí méjì. Ìgbì 7.11 àti ìgbì 7.09 ni wọ́n jọ ń di ohùn kílóhátísì 10, etí kan ṣoṣo kò sì lè mọ èyí tí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìgbì bá wà lókè 7.1, ohùn etí kan ni yóò ṣáájú. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, ti èkejì ni yóò ṣáájú, ibẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà ti ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ibí yìí gan-an ni mo ti jìn sí kòtò. Nígbà tí a kọ́kọ́ tan rédíò náà, gbogbo ìgbì tí a rí ló ní ìbejì ní òdìkejì àwòrán, tí wọ́n ga bákan náà láìyọ ìka kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé, àwa sì jọ rẹ́rìn-ín. Míkísà ni mo dá lẹ́bi. Mo yọ FST3253, mo jó òmíràn mọ́ bọ́ọ̀dù, mo pààrọ̀ 74AC74, ìbejì kò lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni mo tó mọ̀ pé mónò ni ihò máíkì káàdì olówó pọ́ọ́kú tí mo rà: ohùn kan ṣoṣo ni ó ń gbà, tí ó sì ń pín in fún òsì àti ọ̀tún. Káàdì tí wọ́n kọ láìnì-ìn sítíríò sí lára ni kí ẹ rà, kí ẹ sì dán an wò kí ẹ tó yọ ohunkóhun kúrò lára bọ́ọ̀dù. Ẹ yọ eriálì, ẹ gbé CLK1 ti Si5351 yẹn kan náà sí 7.11, kí ẹ gbé wáyà tí ó gùn tó ìka kan láti ara rẹ̀ sún mọ́ ẹnu rédíò. Ẹ má so ó tààrà, ó lágbára jù. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe èyí:

```python
import numpy as np, sounddevice as sd
fs = 48000
x = sd.rec(fs, samplerate=fs, channels=2, blocking=True)
print(np.corrcoef(x[:,0], x[:,1])[0,1])
```

Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 1.0 tàbí tí ó sún mọ́ ọn, ohun kan náà ni etí méjèèjì ń gbọ́. Bí ó bá sún mọ́ 0, wọ́n fi ìdámẹ́rin ìyípo jìnnà síra bí ó ti yẹ. Ohùn àyẹ̀wò náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ o, nítorí ariwo lásán pẹ̀lú lè fún yín ní 0.

Káàdì tuntun dé, ìbejì rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò parẹ́. Dẹ́síbẹ̀lì 26 ni ó fi rẹlẹ̀ sí ojúlówó. Bí etí kan bá fi ìdá g pariwo ju èkejì lọ, ìwọ̀n tí ìbejì yóò fi rẹlẹ̀ jẹ́ nǹkan bí `20*log10(2/g)`, nítorí náà 26 túmọ̀ sí pé ìyàtọ̀ wọn tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Mo fi mítà wọn àwọn rẹ̀sísítọ̀ tí ó yí áńpìlìfáyà ká: kílóómù 10 ni a kọ sí wọn lára, ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ́ 9.6, èkejì jẹ́ 10.5. Aláṣìṣe ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n, wọn kò sì purọ́. Mo fi ti ìdá kan pààrọ̀ wọn, ìbejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ariwo. Mo tọ́jú àwọn rẹ̀sísítọ̀ burúkú yẹn. Mo máa ń dá wọn padà fún kíláàsì tuntun, kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Ní ti asẹ́, méjì ni ó wà. Èyí tí ó wà lẹ́yìn míkísà ni àwọn kapásítọ̀ mẹ́rin yẹn fúnra wọn, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ `BW = 1/(π·4·R·C)`, tí R jẹ́ óòmù 50 ti eriálì. Máíkírófárádì 0.1 ni mo kọ́kọ́ lò, ó sì fún mi ní kílóhátísì 16 péré, ìyẹn 8 ní apá kọ̀ọ̀kan, tí etí àwòrán fi ṣókùnkùn. Mo bọ́ sí nánófárádì 22, ó fẹ̀ dé nǹkan bí 36 ní apá kọ̀ọ̀kan, asẹ́ inú káàdì ohùn sì ń gé èyí tí ó bá kọjá 24.

Asẹ́ kejì wà níwájú, òun ni àwọn èèyàn máa ń fò. Súwíìṣì kì í gba 7.1 nìkan, ó ń gba ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ pẹ̀lú, pẹ̀lú fóòtì tí ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti 7.1. Ẹ gbé CLK1 sí 21.31 láìsí asẹ́ yìí, ẹ ó rí i ní kílóhátísì 10, ṣùgbọ́n ní òdìkejì ibi tí 7.11 jókòó sí. Bí ẹ bá ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, ńṣe ni yóò máa sá lọ sí òdì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi wáyà tí a yí nígbà 30 mọ́ òrùka T50-2 àti kapásítọ̀ tí ó tó píkófárádì 114 sójú ọ̀nà eriálì, kí wọ́n wo bí 21.31 ṣe ń ṣubú tí 7.11 sì dúró.

Bí àwòrán bá kún fún ìlà tí ó jìnnà síra ní ìwọ̀n kan náà, ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù. Ọjọ́ tí wọ́n mú iná lọ lẹ́nu iṣẹ́ ni èmi mọ̀: láptọ́ọ̀pù wà lórí bátìrì, gbogbo ṣájà àti gílóòbù àdúgbò kú, ìgbì tí a kò tíì rí rí sì yọ jáde lójú gbogbo wa. Láti ìgbà náà, bátìrì fóòtì 9 ni mo fi ń gbé áńpìlìfáyà, ṣájà kì í sì í wọ kíláàsì mi.