Òwò 100 àti 0.24R: ṣé àǹfààní ni àbí àkọsẹ̀bá?

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo ti ṣe òwò 100 pẹ̀lú ìlànà kan ṣoṣo. 36 jèrè, 64 pàdánù. Tí mo bá pín in dọ́gba, òwò kọ̀ọ̀kan ń mú 0.24R wá, ìfọ́nká èrè náà sì jẹ́ 1.8R. Méjì tó tóbi jù nínú wọn mú 7R àti 6R wá. Ṣé mo lè gbà pé àǹfààní tòótọ́ wà nínú ìlànà yìí, kí n wá fi owó kún un?"

Rárá o, ẹ má tíì fi owó kún un. Mi ò sọ pé ìlànà yín kò dára. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ yín kò tíì lágbára tó láti dá a láre. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò náà, torí pé èmi náà ti dúró síbi tí ẹ dúró sí yìí, mo sì sanwó rẹ̀.

Ó dùn mọ́ mi pé R lẹ fi ṣírò, ìyẹn iye tí a ti gbà láti pàdánù bí ọjà bá kan sítọ́ọ̀pù wa. Ẹni tó bá ń fi owó gan-an ṣírò, tó ń ra ńlá lónìí, tó ń ra kékeré lọ́la, ìfọ́nká rẹ̀ á máa sọ nípa bó ṣe ń pín owó, kò ní sọ nípa ìlànà rẹ̀. Ìṣirò tiyín nìyí:

```
SE = 1.8 / sqrt(100) = 0.18
t  = 0.24 / 0.18     = 1.33
```

SE ni ìwọ̀n bí ìpíndọ́gba yín ṣe lè sún sókè tàbí sísàlẹ̀ nípa àkọsẹ̀bá lásán. t sì ń sọ iye ìgbà tí èrè yín fi ju ìsúnkiri yẹn lọ. Ká ní 100 èèyàn ń lo ìlànà tí kò ní àǹfààní kankan, tí ìfọ́nká wọn sì rí bíi tiyín, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú wọn ló máa rí èsì tó tó tiyín tàbí tó jù ú lọ. Gbogbo àwọn mẹ́sàn-án yẹn á sì gbà pé àwọn ti rí ọ̀nà. Bí a bá fi SE méjì sí òkè àti méjì sí ìsàlẹ̀, àǹfààní yín gan-an lè wà níbikíbi láti -0.12R títí dé 0.60R. Òdo wà láàárín wọn, pàdánù náà wà níbẹ̀.

Ẹ wo òwò méjì tó tóbi yẹn náà. Àpapọ̀ èrè yín jẹ́ 24R, àwọn méjèèjì sì kó 13R nínú rẹ̀. Tí a bá yọ wọ́n, ó ku 11R lórí òwò 98, ìpíndọ́gba já sí 0.11R, ìfọ́nká sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bíi 1.57R, t sì di 0.7. Mi ò ní kí ẹ dà wọ́n nù o. Ẹni tó ń tẹ̀ lé ìrìn ọjà, irú òwò bẹ́ẹ̀ ló ń bọ́ ọ, ara ìlànà rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n yíyọ wọ́n fi hàn wá pé òwò méjì péré ló gbé ju ìdajì ẹ̀rí yín lọ, a ò sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé irú méjì bẹ́ẹ̀ máa tún wá nínú 100 tó ń bọ̀.

Òwò mélòó ló máa wá tó? Ẹ fi ìfọ́nká pín pẹ̀lú ìpíndọ́gba, ẹ sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po méjì kí t lè tó 2, ìyẹn ìlà tí a sábà fi ń ya àǹfààní sọ́tọ̀ kúrò lára àkọsẹ̀bá, kí ẹ wá fi í ṣe ìlọ́po ara rẹ̀:

```
n = (2 * 1.8 / 0.24)^2 = 15^2 = 225
```

Ẹ kíyè sí ohun tí ìfọ́nká ń ṣe níbẹ̀. Ká ní 1.2R ni ìfọ́nká yín, tí èrè kò sì yí padà, òwò 100 yìí gan-an ìbá ti tó. Tó bá sì jẹ́ pé oríire ti bù kún èrè yín díẹ̀, tí òótọ́ rẹ̀ jẹ́ 0.15R, ẹ máa nílò 576. Ohun mìíràn tó tún yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé 225 kò fún yín ní ìdánilójú. Bí àǹfààní yín bá jẹ́ 0.24R lóòótọ́, ìgbà kan nínú méjì péré ni òwò 225 máa fi t tó kọjá 2 hàn yín. Tí ẹ bá fẹ́ kí ó hàn nígbà mẹ́rin nínú márùn-ún, ẹ wá nǹkan bíi 450.

Ó wá kan tèmi báyìí. Ní tèmi, mo ní òwò 180, ìpíndọ́gba 0.30R, ìfọ́nká 1.8R. SE jẹ́ 0.134, t sì jẹ́ 2.24. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kí ó lè dá mi lójú. Ó kọjá 2, mo sì gbé owó tí mo fi pamọ́ fún ohun mìíràn wọ inú àkáǹtì náà. Nínú òwò 200 tó tẹ̀ lé e, ìpíndọ́gba mi jẹ́ -0.04R. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń wá ohun tó yí padà nínú ọjà. Ọjà kò yí padà. Iye òwò tí mo kọ sínú fọ́múlà ló ṣì mí lọ́nà.

William Gosset, tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ọtí Guinness, ló gbé ìdánwò t jáde ní 1908, tó fi orúkọ Student bo ara rẹ̀. Àpẹẹrẹ díẹ̀ ló ṣe é fún, nítorí náà kò burú pé òwò èèyàn kéré. Ṣùgbọ́n ohun kan tí ìdánwò náà kò gbà ni kí àpẹẹrẹ kan fara ti èkejì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ dá dúró.

Tèmi kò dá dúró. EUR/USD, GBP/USD, AUD/USD àti NZD/USD ni mò ń tà tí mo sì ń rà, pẹ̀lú ẹyọ kan sí i, gbogbo wọn ló sì so mọ́ dọ́là. Ọjọ́ tí dọ́là bá rọ̀, àmì á yọ lórí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, màá wọ gbogbo wọn, wọ́n á jọ jèrè tàbí kí wọ́n jọ gbá sítọ́ọ̀pù. Lójú mi, òwò mẹ́rin ni. Ní ti òótọ́, tẹ́tẹ́ kan ṣoṣo ni mo ta lórí dọ́là, tí mo pín sí ọ̀nà mẹ́rin.

Nígbà tí mo kó òwò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan jọ tí mo kà á sí ẹyọ kan, òwò 180 di ọjọ́ 60. Àpapọ̀ èrè kò yí padà, 54R ni, ó wá jẹ́ 0.90R lọ́jọ́ kan. Ìfọ́nká ọjọ́ sí ọjọ́ jẹ́ 4.4R. Ká ní òwò mẹ́ta tó wà nínú ọjọ́ kan dá dúró lóòótọ́ ni, nǹkan bíi 3.1R ló yẹ kó jẹ́. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni àmì tí èèyàn fi ń mọ̀ pé àwọn òwò so kọ́ra. Mo tún t ṣe:

```
SE = 4.4 / sqrt(60) = 0.568
t  = 0.90 / 0.568   = 1.58
```

Ìyẹn ni pé òwò 180 mi wúwo bí 90 péré. Ẹ̀rí tó ti kọjá 2 já bọ́ sí ibi tí tiyín wà.

Ó tún ku ọ̀kan, èyí ló sì dùn mí jù láti gbà. Kí n tó dé orí ìlànà yẹn, mo ti dán oríṣi sítọ́ọ̀pù 14 wò lórí ọjà àtẹ̀yìnwá, mo sì mú èyí tó dára jù. Bí a bá dán ìlànà 14 tó dá dúró wò, tí kò sí àǹfààní nínú ìkankan, àyè pé ó kéré tán ọ̀kan máa kọjá ìlà 5 nínú 100 ju ìdajì lọ: `1 - 0.95^14 = 0.51`. Tèmi jọra wọn, nítorí náà ó kéré sí ìyẹn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò kéré tó láti gbójú fò. Òwò tí a fi yan ìlànà kò tún lè jẹ́rìí fún ìlànà náà. Ẹ bi ara yín léèrè pé oríṣi mélòó lẹ ti gbìyànjú kí ẹ tó dé orí èyí, títí kan àwọn tí ẹ pa rẹ́.

Nítorí àwọn òwò ńlá tó ń fa ìrù èrè gùn sí apá kan, mi ò dá t nìkan gbà mọ́. Mo máa ń ṣe èyí pẹ̀lú rẹ̀. Fáìlì náà ní èrè ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní R, ìlà kan fún ọjọ́ kan:

```python
import numpy as np
r = np.loadtxt("ojo.csv")
t = r.mean() / (r.std(ddof=1) / np.sqrt(len(r)))
z = r - r.mean()
rng = np.random.default_rng(1)
b = rng.choice(z, (10000, len(r))).mean(axis=1)
print(t, (b >= r.mean()).mean())
```

Ohun tó ń ṣe kò le. Ó yọ ìpíndọ́gba kúrò lára gbogbo ọjọ́, kí èrè lè di òdo láìba ìfọ́nká jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ń ṣà nínú wọn bí ó bá ṣe rí, tó ń dá èyí tó ṣà padà kó tó tún ṣà, nígbà 10,000. Nọ́ńbà kejì tó bá tẹ̀ jáde ni ìdá ìgbà tí ìlànà aláìlérè rí èsì tó tó tiyín. Bí òwò yín bá máa ń wà ní ṣíṣí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ẹ kó o jọ ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ dípò ọjọ́ kan, torí pé ọjọ́ méjì tí òwò kan náà wà nínú wọn kò dá dúró.

Ohun tí màá ṣe bí ó bá jẹ́ èmi nìyí. Lálẹ́ òní, ẹ kó òwò 100 yẹn jọ ní ọjọ́ ọjọ́, kí ẹ mọ iye ẹyọ tó dá dúró nínú wọn. Ẹ kọ òfin ìwọlé, òfin ìjáde àti ibi sítọ́ọ̀pù sílẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà tuntun láti orí òdo, ní ìwọ̀n tó kéré jù tí àkáǹtì yín bá gbà, kí owó tí ẹ ń san fún ọjà nínú òwò kọ̀ọ̀kan lè wọ inú èsì náà. Ẹ pinnu báyìí iye ẹyọ tí ẹ máa kà kí ẹ tó ṣírò t, kí ẹ má sì yọjú wò ó ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti dúró nígbà tó bá kàn kọjá 2. Ìlànà tí kò ní nǹkan kan nínú náà á kọjá 2 lọ́jọ́ kan, bí a bá ń yọjú wò ó léraléra.

Bí ẹ bá ti kó wọn jọ, ẹ fi iye ọjọ́ àti ìfọ́nká ọjọ́ ránṣẹ́ síbí. Màá bá yín wò ó.