Kókó ara gbòǹgbò ẹ̀wà: ṣé kí n da yúríà sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ̀wà mi ti pé ọ̀sẹ̀ 4, ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń pọ́n rúsúrúsú. Mo fa ọ̀kan tu, mo bá kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò. Ṣé àrùn ni? Ṣé kí n da yúríà sí i?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra yúríà. Ẹ fi ṣọ́bìrì wú ìdí ẹ̀wà bíi 5 ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú oko. Ẹ má fà á, torí kókó yẹn máa ń já sínú ilẹ̀. Ẹ wá rọra fi omi ṣan iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kúrò.

Bí kókó bá so mọ́ ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò, tí ìka lè rá a kúrò, kì í ṣe àrùn. Àmọ́ bí gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú, tí ẹ kò lè yọ ọ́ láìṣẹ́ gbòǹgbò, aràn tín-ín-tín inú ilẹ̀ ló ṣe é. Yúríà kò sì rí ìyẹn ṣe.

Ẹ fi abẹ la kókó tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ yẹn. Bí inú rẹ̀ bá pupa bí ẹran tútù, bakitéríà tí à ń pè ní rísóbíọ̀mù ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ń gba náítírójìn inú afẹ́fẹ́, wọ́n ń sọ ọ́ di amóníà tí ẹ̀wà lè lò, ẹ̀wà náà sì ń fi ṣúgà bọ́ wọn. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó bá pọ̀ jù máa ń ba iṣẹ́ yẹn jẹ́. Ohun pupa tí ẹ rí ló ń díwọ̀n rẹ̀ fún wọn. Èyí tí inú rẹ̀ funfun kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tàbí kó jẹ́ ọ̀lẹ. Èyí tó ti di àwọ̀ ewé ti lo ìgbà tirẹ̀ tán.

Ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, oúnjẹ tó wà nínú irúgbìn ti tán, kókó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Ewé ìsàlẹ̀ lè pọ́n díẹ̀ nígbà náà. Bí inú kókó bá pupa, tí ewé tuntun sì ń yọ dúdú, ẹ fi sílẹ̀.

Yúríà tí ẹ bá dà á, bakitéríà mìíràn ló ń dúró dè é. Ó kọ́kọ́ máa ń di amóníọ̀mù. Bakitéríà tó ń jẹ́ Náítírósómónásì á sọ ìyẹn di náítíráìtì, èkejì tó ń jẹ́ Náítírobákítà á sì sọ ọ́ di náítíréètì. Bí ẹ̀wà bá ti rí náítíréètì jẹ dáadáa, kò ní bọ́ kókó mọ́. Ewé á dúdú minimini, èso lè má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Náítíréètì kì í sì í di ilẹ̀ mú: òjò ńlá kan lè gbé owó yín lọ sísàlẹ̀.

Bí ẹ kò bá rí kókó pupa kankan, ẹ wò ó bóyá omi dúró sí oko, kí ẹ sì bi ara yín bóyá ẹ lo súpà fọ́sífeètì nígbà gbígbìn, torí kókó nílò fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì gan-an. Ìgbà yẹn nìkan ni mo lè ní kí ẹ fi yúríà díẹ̀, bí àpò kílò 50 kan sí hẹ́kítà 1, gba ẹ̀wà là. Ẹ bù ú sí ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó.