Èsì: retíkúlósáìtì 6% yẹn kò tíì tó

“PCV màmá mi jẹ́ 15%, retíkúlósáìtì 6%. Láàbù kan l'Ádó Èkìtì kọ ‘ó ga’. Ṣé mùdùnmúdùn eegun wọn ń ṣiṣẹ́ nìyẹn?”

Kò tíì ṣiṣẹ́ tó o. PCV ni ìpín tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀; retíkúlósáìtì ni sẹ́ẹ̀lì pupa tuntun tí mùdùnmúdùn ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jáde, a sì ń ka iye wọn nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì pupa. Sẹ́ẹ̀lì pupa tí a fi ń díwọ̀n ti dínkù, ìdí nìyẹn tí 6% fi dà bíi pé ó pọ̀. Ẹ fi PCV 45%, ìyẹn iye tó yẹ kó jẹ́, tún un ṣe:

6 × 15 ÷ 45 = 2%

Ó ku ìṣirò kan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀ báyìí, mùdùnmúdùn a máa tú sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì gbó jáde. Wọ́n á wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún bí ọjọ́ 2.5 dípò 1.

2 ÷ 2.5 = 0.8

Kò tó 2 tó yẹ kó jẹ́, ó kéré tán, bí mùdùnmúdùn bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àfi bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dà lára wọn láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ní kí dókítà yẹ èròjà irin, B12, fólétì àti kíndìnrín wọn wò. Ẹ gbé wọn lọ lónìí, 15% ti kéré jù.