Ìṣẹ́jú 5 níwájú olówó: ìtàn ni kó o kọ́kọ́ gbé kalẹ̀

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ti mú mi mọ́ àwọn tí yóò sọ̀rọ̀ nípa fíìmù kàtúùnù wọn níwájú àwọn olùdókòwò l'Ékòó lóṣù tó ń bọ̀. Ìṣẹ́jú 5 péré ni wọ́n fún mi. Kí ni kí n kọ́kọ́ sọ, àwòrán mélòó ni kí n sì fi hàn wọ́n?"

Àbúrò mi, ìtàn ni kó o kọ́kọ́ sọ. Má fi iye èèyàn tó wà ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀. Má fi iye owó tí kàtúùnù ń pa káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí ẹni tó ń kọ́ yín tẹnu mọ́ ọn tó. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, torí ojú mi rí i.

Nígbà tí èmi náà máa sọ tèmi, àwọn tó ṣètò ìpàdé náà mú ọkùnrin kan wá tí wọ́n pè ní ògbóǹkangí, pé òun ni yóò tún ọ̀rọ̀ gbogbo wa ṣe. A sanwó fún un. Ọkùnrin yìí kò ṣe fíìmù rí láyé rẹ̀, ìdí owó báǹkì ló ti wá. Ó gba ìwé tí mo kọ, ó gé ìtàn kúrò níwájú, ó wá to iye ọmọdé tó wà ní Áfíríkà síbẹ̀, iye àwọn tó ní fóònù, àti iye tí àwọn fíìmù ńláńlá Amẹ́ríkà pa. Ó ní èdè tí olówó ń gbọ́ nìyẹn. Àwọn tó ṣètò sì sọ fún wa gbangba pé ẹni tí kò bá lo èyí tí ó tún ṣe kò ní dé orí pèpéle.

Nígbà tó kàn mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà. Kò pẹ́ tí obìnrin kan láàárín àwọn olówó náà fi gbé fóònù rẹ̀, tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà gbé tirẹ̀. Wọn ò jẹ̀bi. Ọkùnrin kan náà ló kọ́ gbogbo wa, nítorí náà gbogbo àwọn tó ṣáájú mi ló ti ka iye ọmọ Áfíríkà fún wọn. Ìgbà tí mo fi máa dé ibi tí ọmọbìnrin inú ìtàn mi ti fọwọ́ kan ìlù, agogo dún. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, "Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù yìí gan-an?" Mo la ẹnu láti ṣàlàyé, alága ní kí n fi gbólóhùn kan dáhùn torí àkókò ti lọ. Ẹni tó fi oṣù gbọọrọ kọ ìtàn, gbólóhùn kan! Ọ̀gbẹ́ni ògbóǹkangí wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, ó ń pàtẹ́wọ́.

Ohun tí ìyẹn fi yé mi ni pé gbólóhùn kan yẹn gan-an ló yẹ kó wà ní ìṣẹ́jú àáyá 20 àkọ́kọ́. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan nínú, ohun tí onítọ̀hún ń wá, ohun tó dínà mọ́ ọn, àti ohun tí yóò pàdánù bí kò bá rí i. Èyí tí ọkùnrin yẹn kọ fún mi ni pé, "Fíìmù yìí jẹ́ ìrìn-àjò alárinrin tó ń gbé àṣà Yorùbá lárugẹ fún tọmọdé tàgbà." Ẹgbẹ̀rún fíìmù ni ọ̀rọ̀ yẹn lè bá mu. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lónìí nìyí: "Àyánkẹ́, ọmọ onílù l'Ọ̀yọ́, jẹ́ ọmọ ọdún 11. Àìsàn di í létí. Ó ku ọjọ́ méje kí bàbá rẹ̀ ta ìyá-ìlù ìdílé wọn, torí kò sí ọmọ tí yóò jogún un mọ́. Ó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ àti àyà kọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò gbọ́ mọ́, kí ìlù náà tó jáde nílé." Wàá rí i pé mi ò dárúkọ àṣà rárá, síbẹ̀ àṣà wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, sọ ìtàn yẹn títí dé òpin. Nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ni. Má ṣe fi òpin pamọ́ kí wọ́n lè wá wò ó ní sinimá. Olówó kì í ṣe òǹwòran. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìtàn náà ní ibi tó ń lọ, ẹni tó bá sì fi òpin pamọ́, ohun tí wọ́n máa ń rò ni pé kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ibi tó tẹ̀lé e ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú, wọ́n á sì bi ẹ́ dandan: kí ló dé tó fi jẹ́ kàtúùnù? Ronú sí i dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé òṣèré gidi lè ṣe ìtàn náà láìdín nǹkan kan kù, olówó yóò sọ pé kó o lọ gbé kámẹ́rà, ó yá, ó sì dínwó. Ìdáhùn tèmi ni pé nígbà tí onílù bá fọwọ́ fún ọsán dùndún, ohùn ìlù á gòkè, bó bá dẹ ọwọ́, ohùn á wálẹ̀. Àyánkẹ́ kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ń rí i: lójú rẹ̀, ohùn náà di ìlà aláwọ̀ tó ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, àwa tí à ń wò sì ń rí ohun tó ń rí. Kámẹ́rà kò lè ya ìyẹn. Ibí yìí ni àwòrán ti wúlò. Mẹ́rin tó. Ojú ọmọ náà, ilé wọn, ìlà ohùn yẹn, àti ìran tó le jù lọ. Má kọ ọ̀rọ̀ sára àwòrán, nítorí bí wọ́n bá ń kàwé, wọn ò gbọ́ ẹ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ owó. Máa sọ iye tí fíìmù náà máa jẹ lápapọ̀, ṣùgbọ́n má ṣe ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún ẹ lọ́jọ́ yẹn. Ó yẹ kó o mọ ìdí tí owó náà fi pọ̀. Fíìmù ìṣẹ́jú 85 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 5,100. Bí ayàwòrán kan bá ń ṣe ìṣẹ́jú àáyá 5 tó dára gan-an lọ́sẹ̀, èèyàn 10 yóò lò tó ọ̀sẹ̀ 102, ọdún méjì gbáko, lórí kí àwòrán máa rìn nìkan. Bó o bá ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa ṣe 20 lọ́sẹ̀, á di oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n ìrìn àwọn èèyàn inú rẹ̀ yóò gan, ojú òǹwòran á sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ní òun máa ṣe fíìmù gígùn lóṣù mẹ́ta, olówó tó mọ iṣẹ́ yìí ti mọ irú èyí tó máa jáde.

Torí náà, owó ìpele àkọ́kọ́ ni kó o béèrè. Nínú tèmi, nínú mílíọ̀nù 400 náírà, mílíọ̀nù 25 ni mo ń béèrè: ìwé eré tó parí, àwòrán ìtàn látòkèdélẹ̀ tí a tò tẹ̀léra tí a sì fi ohùn sí, tó fi jẹ́ pé èèyàn lè jókòó wo gbogbo fíìmù náà ní àwòrán pẹ́ńsù, àti ìṣẹ́jú kan tó parí pátápátá. Lẹ́yìn rẹ̀, olówó lè pinnu bóyá òun á tẹ̀ síwájú. Ojú wọn máa ń là bí wọ́n bá gbọ́ pé ọ̀nà wà láti jáde.

Má sì ṣe sọ fún wọn pé sinimá nìkan ni yóò dá owó padà. Nínú 100 náírà tí òǹwòran bá san, ilé sinimá yóò mú bí ìdajì. Ká ní ẹni tó ń pín fíìmù mú 10 nínú èyí tó kù, 40 ló dé ọwọ́ rẹ, o ò sì tíì yọ owó ìpolówó. Ìyẹn ni pé fíìmù mílíọ̀nù 400 gbọ́dọ̀ pa bílíọ̀nù kan kí owó olówó tó pé. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni fíìmù Nollywood kọ́kọ́ dé bílíọ̀nù kan ní sinimá wa, ti Fúnkẹ́ Akíndélé ni, kì í sì í ṣe kàtúùnù. Sọ ibòmíràn tí owó ti lè wọlé: tẹlifíṣọ̀n òkèèrè, ohùn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tí a lè fi rọ́pò ti Yorùbá láìtún àwòrán ṣe, ìwé ọmọdé. Àwọn kan á ní kó o sọ pé Amazon máa rà á. Ní oṣù kìíní 2024 ni Amazon dáwọ́ owó tó ń ná sórí fíìmù tuntun ní Áfíríkà dúró, àwọn tó jókòó níwájú rẹ sì mọ̀.

Bó o bá fẹ́ fi fíìmù mìíràn ṣe àkàwé, mú èyí tí owó rẹ̀ sún mọ́ tìẹ. Fíìmù ológbò tí wọ́n ṣe láti Látífíà, tó gba Oscar ní 2025, jẹ bíi mílíọ̀nù 3.5 yúrò, Blender, ètò kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ni wọ́n sì fi ṣe é. Ìyẹn ṣì ju tìwa lọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò jìnnà bíi ti Amẹ́ríkà tó ń jẹ mílíọ̀nù 100 dọ́là sókè.

Ẹ̀gbẹ́ kan nìyí, ṣùgbọ́n ó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: ta ló ya Àyánkẹ́ tìẹ? Lábẹ́ òfin wa ní Nàìjíríà, ayàwòrán tó o bẹ̀ níṣẹ́ ló ni àwòrán náà, àfi bí ìwé bá wà tó gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹ. Owó tó o san kò tó. Wá ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí kó o tó débẹ̀, torí agbẹjọ́rò olówó ló máa kọ́kọ́ béèrè rẹ̀. Àmọ́ má ṣe ní kí àwọn olówó fọwọ́ sí ìwé pé wọn ò ní jí ìtàn rẹ. Wọn ò ní ṣe é, wàá sì ti fi ìyẹn fi ara rẹ hàn bí ẹni tuntun.

Ka ọ̀rọ̀ náà sókè, kó o fi aago fóònù wọ̀n ọ́n, títí tí yóò fi máa parí ní ìṣẹ́jú 4 àti ààbọ̀. Iye owó tó o ń béèrè ni kó jẹ́ gbólóhùn ìkẹyìn. Bó o bá ti sọ ọ́ tán, dákẹ́.

Kó o sì ní ẹ̀dà ìṣẹ́jú 3 lọ́wọ́. Àlejò pàtàkì wọn yóò pẹ́ dé, yóò sọ̀rọ̀ kọjá ààlà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ni wọn yóò sì gé ti yín kù. Bí wọ́n bá gé e, ọ̀rọ̀ nípa àwọn òṣìṣẹ́ rẹ ni kó o yọ, kó wà nínú ìwé ojú kan tí wàá pín fún wọn. Òpin ìtàn àti iye owó, má fọwọ́ kàn wọ́n.