Ẹ sọ fún wọn ẹni tí ẹ ń pè gan-an

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìkòròdú ni mo ti ń rọ ààrò onírin tí wọ́n fi ń yan ẹja àrọ̀. Lóṣù tó kọjá, mo ṣe ìpàdé lórí Súùmù. Mo kọ ọ́ sínú ímeèlì pé kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ ẹja wá, mo sì fi ránṣẹ́ sí nǹkan bí 600 èèyàn. Àwọn tó wọlé lé ní ọgọ́rin, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò ra ààrò. Mo fẹ́ pe òmíràn láti fi ààrò tuntun tó ń gba 50 kílò hàn. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí?

Ìdáhùn: Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ lọ wo ìbéèrè tí àwọn èèyàn béèrè nípàdé ọjọ́sí. Bó bá jẹ́ pé “Níbo ni mo ti lè ra ọmọ ẹja tó dáa?” ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tí kò tíì ní pọ́ńdù ló kún ilé. Ẹni tí kò ní ẹja nínú omi, kí ló fẹ́ fi ààrò ṣe? “Ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ ẹja” kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Kò sí ẹni tó máa kà á tó máa ní kì í ṣe òun, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tó máa kà á tó máa sọ pé èmi gan-an ni wọ́n ń bá wí.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ti ra ààrò lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀ lẹ ti máa rí ọ̀rọ̀ tó yẹ. Ẹ pe mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn, ẹ bi wọ́n pé: “Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní pọ́ńdù yín lọ́sẹ̀ tí ẹ pinnu láti rà á?” Ẹ má bi wọ́n ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn ààrò náà, torí ìyìn ni wọ́n máa sọ fún yín. Lẹ́nu àwọn tó ń sin àrọ̀, ohun tí ẹ máa gbọ́ kò ní jìnnà sí èyí: ẹja ti lo bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, ó ti tó kílò kan, àwọn tó wá rà á ń já owó rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ó ti sú onítọ̀hún. Lójoojúmọ́ tí ẹja bá ṣì wà nínú omi, ó ń jẹun, oúnjẹ ẹja ló sì ń gbé ju ìdajì owó iṣẹ́ yìí lọ. Ẹni tó wà nínú wàhálà yẹn lẹ ń wá.

Ẹ wá fi ohun tó ṣeé kà, tó sì ṣeé fojú rí, sàmì sí ẹni náà. Ààrò tó ń gba 50 kílò máa gba bí àádọ́ta ẹja tó tó kílò kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń yan ogún ẹja lọ́sẹ̀ á kàn máa jó èédú dànù nínú rẹ̀ ni. Àmọ́ ẹni tó ń kó 200 ẹja lẹ́ẹ̀kan á lò ó lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó parí, ìyẹn sì ti tó ìdí láti náwó sí i. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: ta ló máa fọwọ́ sí owó náà? Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní pọ́ńdù ni kì í gbé nídìí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ tó ń tọ́jú ẹja nìkan ló wá sípàdé, á gbádùn ẹ̀ dáadáa, kò sì ní lè rà á.

Bí mo bá ń kọ ọ́ fún yín, àkọlé ímeèlì náà á jẹ́: “Àrọ̀ yín ti tó tà, owó rẹ̀ ò dára?” Ẹ jẹ́ kó kúrú bẹ́ẹ̀, torí ojú fóònù máa ń gé àkọlé tó bá gùn. “Ìpè pàtàkì sí ìpàdé” á jẹ gbogbo àyè yẹn láìsọ nǹkan kan. Inú lẹ́tà náà rèé:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ẹ bá ní pọ́ńdù ní Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ tàbí ìtòsí wọn, tí ẹ ń kó tó 200 àrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí iye tí àwọn oníbàárà ń pè é sì ti ń mú yín ronú pé kí ẹ kúkú yan án, ẹ̀yin ni mo ń pè.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, màá fi ààrò tó ń gba 50 kílò hàn yín lórí Súùmù. Ẹ máa rí bí a ṣe ń to ẹja sí i, iye èédú tó ń jẹ, àti iye kílò tó ń kù lẹ́yìn tó bá gbẹ. Màá sọ iye tí à ń tà á. Kò ní ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Bí ẹlòmíì bá ń bá yín tọ́jú pọ́ńdù, ẹ jọ wá.

Bí ẹ kò bá tíì ní ẹja nínú omi, ẹ má fi dátà yín ṣòfò lọ́jọ́ yẹn. Ẹ fèsì pé ‘ìbẹ̀rẹ̀’, màá pè yín nígbà tí mo bá ṣe ti àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀.”

Ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù. Ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń jẹ́ kí ẹni tó ní pọ́ńdù gbà pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni pé kí ẹ má fi ìwà ènìyàn ṣe ààlà. “Kì í ṣe fún aláìmúra” jẹ́ èébú, kò sì wúlò, torí gbogbo wa la máa ń sọ pé a ti múra. “Ẹja tó wà nínú omi” kò bú ẹnikẹ́ni.

Ẹ má fi ránṣẹ́ sí gbogbo 600 yẹn. Gmail tí a kì í sanwó fún kò gbà ju 500 èèyàn lọ lójúmọ́, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló ń kọ mí lóminú. Gmail kò fẹ́ kí iye àwọn tó ń sàmì “spam” sí lẹ́tà ẹnikẹ́ni dé 0.3%. Nínú lẹ́tà 600, ìyẹn kò tó èèyàn méjì! Bí ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n bá ń dé ọ̀dọ̀ wọn lemọ́lemọ́, ẹni méjì kò ní pẹ́ pé, lẹ́tà yín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ibi tí àwọn tó fẹ́ rà kò ti ní rí i. Ẹ yọ àwọn tí ẹ mọ̀ pé wọ́n ní pọ́ńdù sọ́tọ̀, kí ẹ kọ sí wọn. Àwọn tí ẹ kò mọ̀ nípa wọn, ẹ kọ ìlà kan péré sí wọn láti béèrè bóyá wọ́n ti ń sin ẹja.

Lórí fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀, ẹ fi ìbéèrè kan kún orúkọ àti nọ́ńbà: “Ẹja mélòó lẹ ń kó lẹ́ẹ̀kan?” Ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá kọ 30. Ẹ pè é, kí ẹ sọ fún un pé ààrò kékeré tó o. Ogójì ìṣẹ́jú tí mo kọ sínú lẹ́tà náà kò ṣàdéédé wá o. Ibẹ̀ ni Súùmù ọ̀fẹ́ ń dáwọ́ dúró, kò sì tó láti kọ́ ẹni tó fẹ́ gbẹ́ pọ́ńdù àti ẹni tó fẹ́ yan ẹja pọ̀.

Iye àwọn tó máa wọlé á já wálẹ̀ gan-an, kí ìyẹn má dẹ́rù bà yín. Ìbéèrè wọn ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá ń béèrè iye èédú, iye owó, àti bí ẹ ṣe máa gbé ààrò náà dé Ìmọ̀ta tàbí Àgbọ̀wá, àwọn tí ẹ ń wá ló wá yẹn. Bí àwọn yẹn bá sì wá, tí wọ́n béèrè gbogbo rẹ̀, tí wọn kò sì rà, kì í ṣe lẹ́tà yín ló ní àbùkù mọ́. Ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè bóyá owó ló pọ̀, tàbí wọ́n á fẹ́ san án díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi ta ẹja yíyan àkọ́kọ́.