Ìlà Nìkan Kò Tó: Bí A Ṣe Ń Dá Iṣan Mẹ́ta Mọ̀ Lábẹ́ Maikirosikópù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Síláìdì méjì ni wọ́n gbé fún wa nínú ìdánwò. Àkọ́kọ́ ní ìlà, mo kọ iṣan eegun, wọ́n ní iṣan ọkàn ni. Èkejì kò ní ìlà rárá, mo kọ iṣan jọ̀lọ̀, wọ́n tún ní iṣan eegun ni! Kí ni kí n máa wò? Kí ló tilẹ̀ fa ìyàtọ̀ náà?

Ìdáhùn: Ìlà yẹn ló tàn ọ́ jẹ nígbà méjèèjì. Iṣan eegun àti iṣan ọkàn ló jọ ní i, nítorí pé àwọn okùn tín-ín-rín tó ń mú iṣan súnkì tò lẹ́sẹẹsẹ nínú wọn. Iṣan jọ̀lọ̀ náà ní okùn, ṣùgbọ́n kò tò, ìdí nìyẹn tí kò fi ní ìlà. Nítorí náà, kóró sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn nukiliọ́sì, ni kí ojú rẹ kọ́kọ́ wá. Aró hẹmatọsílìn máa ń sọ ọ́ di búlúù, tí ìósìn á sì sọ ìyókù sẹ́ẹ̀lì di pupa fẹ́ẹ́rẹ́, kò lè sá fún ọ.

Ká padà sí síláìdì àkọ́kọ́. Ká ní iṣan eegun ni, ọ̀pá gígùn gbọọrọ tí kò pẹ̀ka lo máa rí, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kóró lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì iṣan ọkàn kúrú, ó máa ń pẹ̀ka láti fara kan aládùúgbò rẹ̀, kóró kan tàbí méjì ló sì wà láàárín rẹ̀. Níbi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti pàdé òmíràn, ìlà kan wà níbẹ̀ tó ṣókùnkùn ju àwọn yòókù lọ, tó máa ń gun bí àtẹ̀gùn dípò kó lọ tààrà. Bí o bá ti rí i, ọ̀rọ̀ bùṣe, nítorí iṣan méjì yòókù kò ní in. Bí kò bá hàn, dín ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ìsàlẹ̀ wá kù. Ìmọ́lẹ̀ àpọ̀jù máa ń pa ìlà rẹ́, mo sì ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó bínú sí síláìdì tó dára gan-an nítorí èyí.

Síláìdì kejì ló le. Ìbú ni wọ́n gé e. Ìlà iṣan yí ọ̀pá náà ká bí oríkèé ọparun. Bí o bá gé ọparun ní ìbú, ojú rẹ̀ roboto nìkan lo máa rí. Àìsí ìlà níbẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún ọ. Wo ibi tí kóró wà: bó bá wà létí, iṣan eegun ni. Nínú iṣan ọkàn, àárín ló wà, àmọ́ ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì lè dà bí ẹni tí kò ní kóró, torí pé ọ̀bẹ kò gba ibi tí kóró wà kọjá. Iṣan jọ̀lọ̀ rí bí ìrànwú, ó ki láàárín, ó tín-ín-rín lórí àti nísàlẹ̀, nítorí náà gígé rẹ̀ máa ń fi roboto ńlá àti kékeré hàn pọ̀. Àwọn tó tóbi jù nìkan ló sábà máa ń ní kóró láàárín. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kan, tó fẹ̀ tó maikiromítà 7, lè jẹ́ rúlà rẹ. Iṣan jọ̀lọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n iṣan eegun lè fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀.

Ìdí ìyàtọ̀ náà wà nínú iṣẹ́ wọn. Ìlà àtẹ̀gùn ọkàn ní ojú ihò kéékèèké tí iná ara ń gbà kọjá láti sẹ́ẹ̀lì dé sẹ́ẹ̀lì, kí gbogbo wọn lè súnkì pọ̀. Lẹ́yìn ìsúnkì kan, iṣan ọkàn kì í gba àṣẹ tuntun fún nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tó fún un láyè láti tú kí ẹ̀jẹ̀ sì wọlé. Iṣan eegun kì í dúró tó bẹ́ẹ̀, àṣẹ lè gorí àṣẹ títí ìsúnkì á fi di ọ̀kan ṣoṣo. Òun ló fi lè gbé ẹrù ró, òun náà ni pajápajá sì ń mú. Bí pajápajá bá mú ọkàn, ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ibi gbà.

Iṣan jọ̀lọ̀ ní tirẹ̀ lọ́ra, ṣùgbọ́n ó lè di ara rẹ̀ mú fún wákàtí púpọ̀ láìná agbára tó pọ̀. Ohun tí òpó ẹ̀jẹ̀ àti ìfun ń fẹ́ gan-an nìyẹn.

Kí o tó tún wọ ìdánwò, wá síláìdì ọ̀nà ọ̀fun, níbi àárín rẹ̀. Iṣan eegun ló wà lókè ọ̀nà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí eegun kankan tó so mọ́, iṣan jọ̀lọ̀ ló wà nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì sì dàpọ̀ láàárín. Fi ìka rẹ tọ́ka sí kóró etí àti kóró àárín níbẹ̀, kí o tó gbójú sókè wá ìlà.